Láti ẹ̀yìn ni ká ti máa ka ọ̀rọ̀ gígùn èdè Jámánì

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì lè bá ọ̀rọ̀ kan pàdé nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i: *Krankenversicherungsbeitrag*. Lẹ́tà 27 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ojú ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti iwájú yóò ti sú kó tó dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀. Nínú irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ̀gá. Òun ló ń sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kàn ń ṣàlàyé rẹ̀ ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀gá la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. A ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ ilé, àwọn ń sọ pé *Hausschlüssel*, ilé (*Haus*) ṣáájú, kọ́kọ́rọ́ (*Schlüssel*) tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí Yorùbá bá ka ọ̀rọ̀ Jámánì láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, Yorùbá ló ń kà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú lẹ́tà yẹn. *Beitrag* ló wà nídìí, owó tí èèyàn ń dá ni. *Versicherung* ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn adójútòfò. *Kranken* ló ṣíwájú gbogbo wọn, àwọn aláìsàn. Owó adójútòfò aláìsàn. Owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù èèyàn kí dókítà lè tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn bá dé ni wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá fojú sílẹ̀ yóò rí i pé lẹ́tà *s* kan ṣẹ́ kù láàárín *Versicherung* àti *Beitrag*. Kò ní ìtumọ̀ kankan. Àmì ojú oríkèé ni, ibi tí wọ́n ti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ẹni tó bá wá *Versicherungs* lọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè kò ní í rí i, àfi kó yọ *s* yẹn kúrò. Nígbà mìíràn, *n*, *en* tàbí *er* ló máa ń wà lójú oríkèé, àwọn yìí sì lè tan èèyàn jẹ nítorí wọ́n jọ àmì ọ̀pọ̀. Ẹyin adìyẹ ni *Hühnerei*: *Ei* ni ẹyin, *Hühner* sì ni àwọn adìyẹ. Ṣùgbọ́n adìyẹ kan ṣoṣo ló yé e, kì í ṣe pé wọ́n pawọ́ pọ̀.

*S* yìí wúlò gan-an fún ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti gé ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí *-ung*, *-heit*, *-keit* tàbí *-schaft* máa ń gba *s* kí wọ́n tó so òmíràn mọ́ ọn. Bí o bá ti rí *ungs* láàárín ọ̀rọ̀ gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé oríkèé ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o gé e. Má ṣe gé e kọjá bó ṣe yẹ o. *Versicherung* fúnra rẹ̀ ṣì ní *ver*, *sicher* àti *ung* nínú, ṣùgbọ́n *ver* àti *ung* kì í dá dúró, gígé wọn kò sì ní í mú ọ sún mọ́ adójútòfò.

Ó yá, ká wá dán an wò lára èyí tó le jù. Lọ́dún 1999, nígbà tí àrùn tó ń sọ màlúù di wèrè ń da Yúróòpù láàmú, ìpínlẹ̀ Mecklenburg-Vorpommern ní Jámánì gbé òfin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà 63:

*Rindfleischetikettierungsüberwachungsaufgabenübertragungsgesetz*

Wá *ungs*. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi já sí mẹ́rin lójú ẹsẹ̀: *Rindfleischetikettierung*, *Überwachung*, *Aufgabenübertragung* àti *Gesetz*. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. *Gesetz* ni òfin. *Übertragung* ni ìfàlénilọ́wọ́, *Aufgaben* ni iṣẹ́. *Überwachung* ni àbójútó. *Etikettierung* ni lílẹ àmì mọ́ ọjà, *Fleisch* ni ẹran, *Rind* ni màlúù. Ó di òfin ìfàlénilọ́wọ́ iṣẹ́ àbójútó àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹran màlúù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àdììtú kankan níbẹ̀: òfin ni, ó sì ń sọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ibi tí ẹran ti wá sára rẹ̀. Wọ́n fagi lé e lọ́dún 2013.

Gígé náà ní ibi tó ti ń kọsẹ̀. *Staubecken* lè jẹ́ *Stau* àti *Becken*, adágún tí wọ́n sé odò láti fi ṣe. Ó sì lè jẹ́ *Staub* àti *Ecken*, àwọn kọ̀rọ̀ tí eruku kún. Ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀ nìkan ló lè yanjú rẹ̀, ìyẹn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí odò, kì í ṣe ìgbálẹ̀ la ń wá. Òfin àkọtọ́ wọn gba ẹni tó ń kọ̀wé láyè láti fi àmì ìdè sí i, *Stau-Becken*, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àsopọ̀ kì í sọ bí ọ̀rọ̀ méjì náà ṣe bára wọn tan. *Olivenöl* ni òróró tí wọ́n fún láti ara èso ólífì. *Babyöl* ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fún ọmọ ìkókó, òróró tí wọ́n fi ń pa á lára ni. Tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran àgbò ni ẹran tó wá lára àgbò, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá kò wá lára Iléyá.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀gá gan-an ló ń purọ́. *Schild* ni apata, *Kröte* ni ọ̀pọ̀lọ́, *Schildkröte* wá di ìjàpá. Ọ̀pọ̀lọ́ alápata! Bí Ìjàpá tiwa bá gbọ́, ẹjọ́ ni yóò gbé lọ bá ọba. *Meerschweinchen*, tó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ti òkun bí a bá gé e, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ń gbé inú òkun. Ẹranko kékeré kan tó jọ eku ni, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e sọdá òkun dé Yúróòpù.

Irú àwọn wọ̀nyí kò ṣòro dá mọ̀. Wọ́n máa ń kúrú, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, nítorí náà *Schildkröte* yóò wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè èyíkéyìí tó o bá ṣí. Orúkọ òfin ẹran màlúù yẹn kò sí nínú *Duden*, ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì tó lókìkí, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí aráàlú ń lò dáadáa nìkan ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Bí o bá wá ọ̀rọ̀ gígùn kan lódindi tí o kò rí i, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹni tó kọ lẹ́tà ló so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ sí ìdí rẹ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.