Ohun tí Sikáótà Ń Kà, àti Ohun tí Kò Rí

Nígbà tí Raditz, jagunjagun láti òfuurufú, balẹ̀ sí ayé nínú ìtàn ìjà Dragon Ball, àgbẹ̀ kan tó gbé ìbọn dání ló kọ́kọ́ pàdé. Raditz fi ẹ̀rọ ojú rẹ̀ tó ń ka agbára ènìyàn wò ó, ó rí 5, ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Látìgbà náà ni àwa tá a fẹ́ràn ánímè ìjà ti ń fi nọ́ńbà bá ara wa jiyàn. Àwòrán-ìtàn ìjà ni mò ń yà jẹun, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń bi mí jù ni pé báwo ni ẹni tó wà ní 5,000 ṣe máa di 180,000 nínú ìjà kan ṣoṣo. Àfi ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà.

Sikáótà ni wọ́n ń pè é. Bíi mítà iná ló rí: mítà kò mọ gbogbo ohun èlò tó wà nínú ilé, èyí tó ń jẹ iná lọ́wọ́ nìkan ló ń kà. Nígbà tí Raditz kọ́kọ́ wo Goku, akọni ìtàn náà, 334 ló rí. Piccolo tó bá Goku jà á jẹ́ 322. Àwọn méjèèjì bọ́ aṣọ wúwo tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, Goku di 416, Piccolo di 408. Ara wọn kò yí padà, ẹrù ló kúrò lára wọn. Gohan, ọmọ Goku tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wà ní 710 nígbà tó ń sunkún. Inú bí i nígbà tó rí i tí wọ́n ń na bàbá rẹ̀, ó di 1,307. Ṣáájú ìyẹn, Piccolo kó agbára rẹ̀ jọ sórí ìka, ẹ̀rọ náà sì fò lọ sí 1,330. Irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ló pa Raditz, lẹ́yìn tí Goku ti dì í mú láti ẹ̀yìn kó má bàa yẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà kì í ṣe ti ènìyàn, ti ìṣẹ́jú yẹn ni. Àwọn ọmọ ogun Frieza, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà, kò mọ èyí, torí pé agbára wọn máa ń wà lókè nígbà gbogbo. Àwọn ará ayé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e sókè lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ lu ènìyàn.

Ẹ wo ìjà Goku pẹ̀lú ikọ̀ Ginyu, àwọn àṣàyàn ọmọ ogun Frieza, ní pílánẹ́ẹ̀tì Namek. Nígbà tó dé, Jeice àti Burter ka 5,000, ojú ọmọdé ni wọ́n sì fi wò ó. Ó fi ìgbúnwọ́ kan ṣoṣo gbé Recoome ṣubú. Ginyu fúnra rẹ̀ gbọ́n jù wọ́n lọ: ó ní 5,000 yẹn kò lè jẹ́ òótọ́, ó fojú bù ú sí 60,000. Goku gbé e dé 85,000. Ó wá pe Kaioken, ọgbọ́n ìjà rẹ̀ kan, ó di 180,000. Ginyu tó gbójú lé 120,000 tirẹ̀ rí i pé ọwọ́ òun kò lè tẹ ọkùnrin yìí mọ́, ló bá fi ọgbọ́n àrékérekè gba ara Goku. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ inú ara náà, 23,000 péré ni Jeice rí lórí ẹ̀rọ. Ara ọ̀hún ló ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kò sí nílé. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìtàn náà ti ṣàlàyé òfin rẹ̀ jù.

Ibo ni 85,000 ti wá, nígbà tí ẹni yìí kan náà kò ju 8,000 àti díẹ̀ lọ nígbà tó kojú Nappa, ọ̀tá tó wá sí ayé lẹ́yìn Raditz? Nínú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ sí Namek, ó sọ ara rẹ̀ di wúwo ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sì ń jẹ ẹ̀wà ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní senzu. Àwọn Saiyan, ẹ̀yà tó ti wá, ní ẹ̀bùn kan: bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tí wọ́n sì yè é, agbára wọn á lé gan-an. Vegeta, Saiyan bíi tirẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀ débi pé ó ní kí Krillin, ọ̀rẹ́ Goku, yin òun ní ìtànṣán, kí Dende, ọmọ Namek tó ń woni sàn, sì wò òun sàn. Kaioken tiẹ̀ yàtọ̀: ó ń sọ agbára di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ara ló sì ń san owó rẹ̀.

Ohun tó ń ya àwọn akẹgbẹ́ sọ́tọ̀ nìyẹn. Krillin, Yamcha àti Tenshinhan, àwọn ará ayé tó jẹ́ akẹgbẹ́ Goku, ń ṣe iṣẹ́ àṣekára bíi Goku, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn, ìsọdipúpọ̀ ni ti Saiyan. Kò sí bí ẹni tó ń ròpọ̀ ṣe máa bá ẹni tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ dọ́gba, bó ti wù kó tètè jí tó.

Ìdí mìíràn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn. Akira Toriyama ń ya iṣẹ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 1984 títí di 1995. Tí o bá ti jẹ́ kí Frieza fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ́ 530,000, gbèsè ni o jẹ yẹn: ọ̀tá ti ga jù, o sì ní láti rí àkàbà gbé akọni dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó sú àwọn òǹkàwé. Àwọn ìpele tí Frieza ń yí ara padà sí tún mú kí àkàbà náà gùn sí i. Ìwé atọ́nà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà fún Frieza ní 120,000,000 ní ìparí ìjà, ó sì fún Goku ní 3,000,000 kó tó para dà. Kaioken ìlọ́po ogún kò lè ju 60,000,000 lọ. Super Saiyan, ìparadà àwọn Saiyan tó ń sọ agbára di ìlọ́po àádọ́ta, ló gbé e dé 150,000,000. Ẹ rántí pé inú ìwé atọ́nà ni iye wọ̀nyí wà, kò sí ẹni tó fi sikáótà kà á nínú ìjà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi wọ́n jiyàn, ẹ kọ́kọ́ bi í ibi tó ti rí i.

Lẹ́yìn Frieza, nọ́ńbà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nínú ìtàn, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun Frieza tó fi sikáótà wo Trunks, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti ọjọ́ iwájú, rí 5, iye àgbẹ̀ ọjọ́sí, Trunks sì pa gbogbo wọn.

Kódà nígbà tí nọ́ńbà ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òun nìkan ló ń pinnu ìjà. Yamcha ṣẹ́gun Saibaman kan, ẹ̀dá kékeré tí Nappa gbìn, tó wà ní 1,200, Saibaman ọ̀hún dì mọ́ ọn lára, ó bú gbàmù, Yamcha kú. Krillin ju Kienzan, àwo mímú rẹ̀, sí Nappa, igbe Vegeta pé kó yẹ̀ ẹ́ ni Nappa fi yè. Àwo yìí kan náà gé ìrù Frieza ní ìpele kejì, ìgbà tí Frieza ti ní òun ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tó mú máa ń gé ohun tó lágbára.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fò sókè lójijì, mo máa ń wo bóyá ìtàn ti san owó rẹ̀ ṣáájú. Goku san tirẹ̀ nínú ọkọ̀ àti lórí ibùsùn ìwòsàn, ikú Krillin sì ni ìkẹyìn owó Super Saiyan. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù tó jáde ní 2015, Frieza ní òun kò kọ́ ara òun rí láyé, oṣù mẹ́rin péré ló sì fi kọ́ ọ tó fi bá àwọn tó ti ń bá àwọn òrìṣà jà dọ́gba. Àwọ̀ wúrà rẹ̀ dára lójú o, ṣùgbọ́n àwìn ni.