“Ẹni kan, èdè kan”: òfin tí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ó tó

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí èdè wọn yàtọ̀ síra ló ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí kí ọmọ wọn tó dáyé: kí bàbá máa sọ tirẹ̀, kí ìyá máa sọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yà sí ti ẹnìkejì. Wọ́n ní bí òbí bá pa òfin náà mọ́, ọmọ á gbọ́ èdè méjèèjì, á sì máa sọ méjèèjì. Bí wọ́n bá rú u, orí ọmọ á dàrú. Apá àkọ́kọ́ kì í ṣẹ tó bí wọ́n ṣe ń wí. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká pe èdè tí ilé ìwé, ọjà àti àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ ní èdè ìgboro, ká sì pe èyí tó jẹ́ pé inú ilé nìkan ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ ní èdè ilé. Èdè ìgboro kò níṣòro. Kò sí bí ọmọ kò ṣe ní í mọ̀ ọ́n. Èdè ilé ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé.

Òfin náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1913, Jules Ronjat, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde nípa Louis ọmọ rẹ̀, tó ń gbọ́ Faransé lẹ́nu bàbá, tó ń gbọ́ Jámánì lẹ́nu ìyá. Maurice Grammont, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ èdè, ló ti gba Ronjat nímọ̀ràn pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró ti èdè tirẹ̀. Louis mọ èdè méjèèjì dáadáa, ìmọ̀ràn náà sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan ni, ọmọ kan ni. Kò sí ilé mìíràn tí wọ́n fi wé e, tí a ó fi mọ̀ bóyá òfin yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà tàbí nǹkan mìíràn.

Wọ́n tún òfin kan náà lò ní Amẹ́ríkà, ibi tó sì já sí yàtọ̀. Werner Leopold ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ Hildegard sọ Jámánì, ìyá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Apá mẹ́rin ni ìwé tó kọ nípa ọmọ náà, ó sì jáde láàárín 1939 sí 1949. Bàbá yìí kò yẹsẹ̀, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bo Jámánì mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Jámánì, tó sún mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ni Jámánì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde. Bàbá kò yí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ padà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tó yí ọmọ ká ló yí padà.

Ìwádìí tó tú ọ̀rọ̀ yìí wò jù ni èyí tí Annick De Houwer tẹ̀ jáde ní 2007, láti apá ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń sọ Dọ́ọ̀ṣì. Ó kó èsì ilé 1,899 jọ, níbi tí ó kéré tán òbí kan ti ń sọ èdè mìíràn fún ọmọ. Ó wo ohun tí òbí ń sọ nílé, ó wá wo bóyá ọmọ ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èdè ilé. Níbi tí òbí méjèèjì ti ń sọ èdè ilé nìkan, ọmọ ń sọ ọ́ nínú nǹkan bí ilé 97 nínú 100. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń fi èdè ìgboro kún un, 93. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ èdè méjèèjì, 79. Ilé “ẹni kan, èdè kan” gangan? 74. Ibi tó burú jù ni ibi tí òbí kan ti ń sọ èdè ìgboro nìkan, tí ẹnìkejì sì ń sọ méjèèjì: 36.

Ẹ wo 79 àti 74 yẹn dáadáa. Àwọn òbí tó ń da èdè méjì pọ̀ kò ṣe jù àwọn tó ń pa òfin mọ́ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò burú jù wọ́n lọ, ìyẹn nìkan sì ti tó láti yẹ ìbẹ̀rù ìdàrú wò. Òótọ́ ni pé ìwádìí irú èyí kò lè sọ pé ohun kan pàtó ló fa òmíràn. Ilé tí òbí méjèèjì ti gbọ́ èdè ilé lè ní ẹbí púpọ̀ tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bá iye èdè ilé tó ń wọ etí ọmọ mu. Níbi ẹni kan, èdè kan, òbí kan ṣoṣo ló gbé ẹrù èdè ilé, nígbà tí ìyókù ayé ń fún ọmọ ní èdè kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilé kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ń lajú wákàtí 12 lóòjọ́, ìyẹn 84 lọ́sẹ̀. Bàbá ló ń sọ èdè ilé. Ọmọ ń lo wákàtí 40 ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, èdè ìgboro sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bàbá ń bá ọmọ wà fún wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ìyẹn 7.5, ó ń bá a wà fún wákàtí 4 ní Sátidé àti 4 ní Sọ́ńdè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.5, kò pé ìdá márùn-ún wákàtí ọmọ náà. Àwọn onímọ̀ tó ti wo ọ̀rọ̀ yìí, Barbara Pearson láàárín wọn, ti rí i pé bí ìpín èdè kan bá lọ sílẹ̀ tó ìdá márùn-ún, ọmọ sábà máa ń lọ́ra láti sọ ọ́, bó tilẹ̀ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ààlà tí a fi irin gé, àmọ́ ó tó láti fi díwọ̀n.

Iye gidi tiẹ̀ kéré ju 15.5 lọ. Bí tọkọtaya bá jókòó ti oúnjẹ alẹ́, èdè wo ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, èdè ìgboro ni. Wákàtí yẹn wà lórí ìwé bàbá, ṣùgbọ́n èdè ilé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ibí yìí ni òfin náà ti ń jìn sí kòtò jù: ó sọ ohun tí òbí yóò sọ fún ọmọ, kò sọ ohun tí òbí yóò sọ fún òbí.

Ká ní ìyá gbọ́ èdè ilé díẹ̀, kódà kó máa ṣi í sọ. Bí àwọn méjèèjì bá fi ṣe èdè oúnjẹ alẹ́, tí ìyá sì fi wẹ ọmọ, wákàtí kan lé lórí lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: 5. Bí bàbá bá gba oúnjẹ àárọ̀, ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ iṣẹ́: 2.5. Kí òpin ọ̀sẹ̀ kúrò ní wákàtí 4 sí 6 lóòjọ́: 4. Ìpè fídíò pẹ̀lú ìyá bàbá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí: 1.5. Ó ti di 28.5, bí ìdá mẹ́ta wákàtí ọmọ. Ìyá rú òfin. Èdè ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àṣìsọ ìyá kì í ba ti ọmọ jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó ń gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí kì í dúró de èsì.

Wákàtí nìkan kọ́, àmọ́. Ọmọ lè gbọ́ tán, kó máa fi èdè ìgboro fèsì. Elizabeth Lanza, tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ kékeré ní Nọ́ọ́wè tí ìyá wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà, to ọ̀nà márùn-ún tí òbí ń gbà fèsì bí ọmọ bá fi èdè kejì sọ̀rọ̀. Ká ní ọmọ fi èdè ìgboro béèrè omi. Òbí lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́: “Kí lo wí?” Ó lè méfò ní èdè ilé: “Omi lo fẹ́, àbí?” Ó lè kàn tún un sọ: “Omi lo fẹ́.” Ó lè gbé omi fún un kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Ó sì lè yà sí èdè ìgboro pẹ̀lú rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ èdè ilé ń dínkù.

Ìméfò dára, ṣùgbọ́n ọmọ lè kàn mi orí. Èyí tó sàn jù ni kí òbí fi méjì síwájú rẹ̀: “Omi ni àbí wàrà?” Kò sí bó ṣe máa mi orí sí ìyẹn. Ṣíṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọdún méjì. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ti rí i tí ẹ ń bá aládùúgbò rojọ́ ní èdè ìgboro yóò rín yín rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bá sì ń sunkún, tàbí ó ń sọ ohun tó bà á lẹ́rù, ẹ fi ọ̀rọ̀ èdè sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ní ti ìdàrú: ọmọ ọdún méjì ti ń wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kó tó yan èdè. Bó bá ju ọ̀rọ̀ èdè kan sínú èkejì, ìgbà púpọ̀ ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni kò tíì ní nínú èdè tó ń sọ. Ẹ sọ ọ́ padà fún un ní èdè ilé, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Àdàlù tó léwu ni èyí tí òbí kì í mọ̀ pé òun ń ṣe, tí èdè ìgboro fi ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ lóní, ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́la, títí ilé yóò fi di ilé 36 yẹn.

Òfin ẹni kan, èdè kan ṣì wúlò fún ilé tí ìyá tàbí bàbá kò gbọ́ èdè ilé rárá, tàbí tí ẹni tó gbé e jẹ́ ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán. Ó tún ń ran ẹni tó máa ń yà láìmọ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fi ìwé kékeré kan sí ibi ìdáná fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa kọ èdè tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Èsì tó fọ̀ nígbà tí ẹ bi í kò kà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkókò kan ṣoṣo, bí ìwẹ̀ alẹ́, kí ẹ sọ ọ́ di ti èdè ilé títí ara ọmọ yóò fi mọ́ ọn, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí wákàtí bá ti pọ̀ sí i fún oṣù méjì, tí ìwé náà kò yí padà, a jẹ́ pé ìdí láti sọ ọ́ ni kò sí. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí àgbàlagbà kan tí kò gbọ́ èdè ìgboro rárá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ ṣeré.