Agbọ́n Ni Wọ́n Yà, Oyin Ni Mo Rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan tó ń gbé ní Bódìjà, n'Íbàdàn, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbọ́n ti kọ́lé sí etí òrùlé wa, àwọn ọmọ kò lè ṣeré níta mọ́. Dádì wọn ti lọ ra kẹrosíìnì." Kẹrosíìnì yẹn ló jẹ́ kí n pa oúnjẹ àárọ̀ tì. Mo dá a lóhùn pé, "Mọ̀mí, ẹ bá mi bẹ dádì, kí wọ́n má tíì ṣáná o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo fọ́tò yìí."

Oyin ni mo ń sìn, irú fọ́tò báyìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ránṣẹ́ máa ń fẹ́ kí kòkòrò náà hàn kedere, wọn a wá sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi kì í kọ́kọ́ wo kòkòrò rárá. Kòkòrò ń fò, ó ń yí, fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Ilé rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ilé kì í fò.

Ohun tó rọ̀ sí etí òrùlé ìyá náà dà bí asẹ́ kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ní, bí páálí tí òjò ti pa. Okùn tín-ínrín kan ló fi so mọ́ pákó, gbogbo ihò rẹ̀ ló sì kọjú sílẹ̀, kò sí ohunkóhun tó bò ó. Kò sí iyèméjì nínú ìyẹn: ilé agbọ́n ni. Agbọ́n máa ń họ igi gbígbẹ, ì báà jẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ọgbà onípákó, á fi itọ́ pò ó mọ́lẹ̀ títí á fi dà bíi páálí, ìyẹn ló fi ń kọ́lé. Ìda ni oyin fi ń kọ́ tirẹ̀ ní tòun, láti inú ara rẹ̀ ló sì ti ń jáde. Afárá oyin máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n gé tí wọ́n tò léra wọn, ihò wà ní ojú méjèèjì, ihò náà sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, á funfun. Bó bá pẹ́, á pọ́n, á sì dúdú. Bí ẹ bá wá rí amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ògiri bíi ìka ọwọ́ mélòó kan tí wọ́n tò pọ̀, agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé ló ni ín. Òun nìkan ló ń dá gbé. Aláǹtakùn ló ń kó sínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kì í gbèjà ilé, kò sì wọ́pọ̀ kó ta ènìyàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Tí amọ̀ náà bá ń bí yín nínú, ẹ dúró kí ihò hàn lára rẹ̀, kí ẹ tó fi ọ̀bẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn ilé ni mo tó wo kòkòrò, bó bá hàn. Àwọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ, torí agbọ́n lè jẹ́ pupa rúsúrúsú tàbí dúdú, oyin náà sì lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó dúdú. Irun àti ìbàdí ni kí ẹ wò. Oyin ní irun lára bí ẹni tó wọ súwẹ́tà, ara rẹ̀ ki pọ̀, ẹ kò ní rí ibi tí ìbàdí rẹ̀ ti tín-ín. Ara agbọ́n ń dán, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ínrín gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá òrùlé lọ́dọ̀ wa, ìbàdí rẹ̀ gùn bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi so ikùn mọ́ àyà. Nígbà tó bá ń fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn á máa rọ̀ nísàlẹ̀. Bó bá bà síbì kan, á ká ìyẹ́ rẹ̀ ní gígùn, ìyẹ́ náà á wá dà bí igi ìṣáná méjì. Oyin kì í ká tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì rí ìṣù kékeré aláwọ̀ ìyeyè lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kòkòrò, ìyẹ̀fun òdòdó ni, oyin ni ẹ ń wò.

Mo ka kòkòrò tó wà lórí ilé agbọ́n ìyá náà. Mẹ́rìnlá ni. Mo ti fẹ́ dá a lóhùn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀ nígbà tí ojú mi lọ sí igun fọ́tò náà lápá òsì. Ihò kan wà níbẹ̀ láàárín sílíǹ àti ògiri, ibi tí wáyà iná ti gbà wọlé. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Etí ihò náà dúdú, ó ń dán, bí ibi tí ọwọ́ ti máa ń kàn lára ilẹ̀kùn láti ọdún pípẹ́. Tóótòòtó márùn-ún tàbí mẹ́fà wà níwájú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Nísàlẹ̀ ihò yẹn gan-an, jẹnẹrétọ̀ wọn ló jókòó síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò fura sí ihò náà, nítorí kò sí ohun tó rọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ilé tí ojú rí kọ́ ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù jù. Ilé agbọ́n onípáálí, ẹ lè ka gbogbo àwọn ará ibẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n oyin ilẹ̀ wa fẹ́ràn inú òkùnkùn: ihò igi, àjà, inú ògiri, àpótí tí wọ́n pa tì, ọkọ̀ tí kò rìn mọ́. Agbo kan tó ti fìdí múlẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ, ihò tí wọ́n ń gbà jáde kò sì ní ju ìka lọ. Etí ihò tó dúdú yẹn jẹ́ àpẹẹrẹ pé wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, torí oje igi tí wọ́n ń kó wálé àti ẹsẹ̀ wọn ló pa á láró.

Mo ní kí ìyá náà má sún mọ́ ọn, kó dúró sí nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, kó fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú kan péré ní ọ̀sán, kó jẹ́ pé ihò nìkan ni kámẹ́rà dojú kọ. Nínú fídíò náà mo ka àwọn tó ń wọlé nìkan. Wọ́n lé ní ogójì ní ìṣẹ́jú kan, àwọn mélòó kan sì gbé ìyẹ̀fun òdòdó lẹ́sẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ní ọmọ nínú ilé, oyin tó bá sì ní ọmọ àti oúnjẹ tó ń ṣọ́ kì í rí ara gba nǹkan. Mo tún ní kó wọ inú yàrá tó wà lábẹ́ ibẹ̀, kó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílíǹ níbi méjì tàbí mẹ́ta. Ibì kan lọ́wọ́ọ́rọ́ ju ibòmíràn lọ. Oyin máa ń jẹ́ kí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà gbóná tó ìwọ̀n 34 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, kódà ní òru. Ibẹ̀ ni afárá wà.

Kí ẹ má fi èyí ṣe àfiwé pẹ̀lú oyin tó ṣù jọ sórí ẹ̀ka igi. Bí ẹ bá rí fọ́tò oyin tó dì pọ̀ bí irùngbọ̀n, tí kò sí afárá kankan láàárín wọn, àlejò ni wọ́n. Wọ́n ṣí kúrò ní ilé àtijọ́, wọ́n ń wá ilé tuntun, ikùn wọn kún fún oyin, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n ń gbèjà. Ẹ yà fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ti lọ. Òkò tí ọmọdé bá jù lù wọ́n ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ló wá kàn. Ohun mẹ́ta ló ń mú oyin bínú ju gbogbo nǹkan lọ: ìgbọ̀nrìrì, òórùn líle, àti ohun dúdú tó ń rìn níwájú ilé wọn. Jẹnẹrétọ̀ ní gbígbọ̀n àti èéfín pọ̀, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ tó ń fa okùn rẹ̀, orí dúdú ló ń gbé sísàlẹ̀ ihò wọn. Bí oyin kan bá ta á, abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ á kù sí awọ ara, òórùn kan á sì jáde níbẹ̀ tó ń sọ fún àwọn yòókù pé ọ̀tá rèé. Òórùn náà jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó lọ sí ìdí àpótí oyin mi. Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, ogún á wá, igba á tẹ̀ lé e. Agbọ́n kan lè ta ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í kù, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn. Ẹ fi ìyẹn wé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Bí oyin bá yọ sí yín, ẹ má dúró máa lù wọ́n. Ẹ bo ojú, ẹ sáré tààrà wọ inú ilé tàbí ọkọ̀, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n lè lé ènìyàn kọjá igba mítà. Ẹ má bẹ́ sódò, wọ́n á dúró dè yín lókè. Bí ẹ bá ti wà lábẹ́ orùlé, ẹ fi èékánná há abẹ́rẹ́ oró kúrò lójú ẹsẹ̀, torí ó ṣì ń tú oró sínú ara. Ẹ má jókòó máa wá ohun tí ẹ ó fi yọ ọ́. Ẹni tí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tí ara rẹ̀ ń sú níbi tí oyin kò ta, tàbí tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dákú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Abẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì ló nílò, títa oyin kan ṣoṣo sì tó láti fa èyí fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ má fi epo pupa pa á lára nígbà tí àkókò ń lọ. Ẹni tí ọ̀pọ̀ oyin bá ta, bí àádọ́ta sókè fún àgbàlagbà, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, kí ó rí dókítà bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá, nítorí kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ wo agbọ́n ńlá tó ń pa ènìyàn." Ẹ̀yà agbọ́n ńlá tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì kò sí nínú igbó wa. Tí fọ́tò rẹ̀ bá ń káàkiri n'Íbàdàn, ibòmíràn ló ti wá. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtìkó, ọ̀kan láti ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọdún 2016 ní agbègbè Tetbury, ń pa oyin jẹ. Ara rẹ̀ dúdú, òpin ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, àmì olómi ọsàn kan sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí áàpù Asian Hornet Watch.

Ní Bódìjà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ní òru, kí wọ́n má sì tàn án títí a ó fi dé. Kẹrosíìnì nínú àjà kò lè pa gbogbo oyin náà, àmọ́ ó lè jó ilé. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, èmi àti ọmọkùnrin méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wọ aṣọ ìdáàbòbò, a fi èéfín tù wọ́n lójú, a gé sílíǹ níbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, a sì ń gé afárá lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí. Afárá méje ni, èyí tó gùn jù tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. A bo gílọ́ọ̀bù tọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú ọ̀rá pupa, torí oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa, iná funfun ni wọ́n á sáré wá bá.

Ilé àwọn agbọ́n mẹ́rìnlá yẹn wà lókè, kò sí ojú ọ̀nà tó gba abẹ́ rẹ̀, mo sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mọ̀mí kò gbà. Nígbà tí òkùnkùn ṣú dáadáa, mo fi omi ọṣẹ fọ́n wọn láti orí páìpù gígùn, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Ihò wáyà yẹn ló gba àkókò jù. A há gbogbo ìda tó kù lára pákó, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a dúró ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn oyin tó pẹ́ lóko padà wá bá àpótí tí a gbé síwájú ihò, kí a tó fi símẹ́ńtì dí i. Bí a bá fi afárá kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú àjà, oyin inú rẹ̀ á máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, eèrà á tò wá, òórùn ìda á sì pe agbo oyin mìíràn wá síbẹ̀.