Bí orílẹ̀-èdè tó mọ iṣẹ́ méjèèjì ṣe jù ṣe ń jèrè nínú pàṣípààrọ̀

Ní ọdún 1817, Dáfídì Ríkádò, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lórí aṣọ àti ọtí wáìnì, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Potogí. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye inú rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n aṣọ kan ń gba iṣẹ́ 100 ènìyàn fún ọdún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n wáìnì kan sì ń gba 120. Ní Potogí, 90 ènìyàn ni aṣọ náà ń gbà, wáìnì sì ń gba 80.

Potogí ni iṣẹ́ méjèèjì ti yá jù. Bí a bá dúró síbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé kò sí ohun tí Potogí ń wá lọ sí ọjà Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn kọ́ ni ó yẹ kí a fi wé ara wọn láti etí òkun kan sí èkejì. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń yááfì nílé tirẹ̀ kí ó tó rí ọjà kan ṣe.

Bí Potogí bá fẹ́ ìwọ̀n wáìnì kan sí i, 80 ènìyàn ni yóò kó kúrò nídìí òfì lọ sí oko àjàrà. Ká ní àwọn 80 yìí jókòó sídìí òfì wọn ni, wọn ìbá ti hun ìdá 8 nínú 9 ìwọ̀n aṣọ kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.89. Aṣọ tí wọn kò hun yìí gan-an ni wáìnì náà ná Potogí, iye owó yòówù kí wọ́n dá lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 120 ènìyàn tí wáìnì kan ń gbà ìbá ti hun ìwọ̀n aṣọ 1.2. Wáìnì wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju Potogí lọ nìyẹn. Bí a bá yí i padà sí ọ̀dọ̀ aṣọ, ìwọ̀n aṣọ kan ń ná Potogí ní wáìnì 1.125, nígbà tí ó ń ná Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bíi 0.83 péré. Gẹ̀ẹ́sì tí kò yára nídìí ohunkóhun ni aṣọ ti rọrùn jù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wáìnì tí ó ń yááfì kò tó nǹkan.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà. Iye òṣìṣẹ́ ni a kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye ọjà tí a ṣe jáde, nítorí náà ẹni tó bá pín in bí ẹni pé ọjà ni yóò dorí ìdáhùn kodò. A lè tètè mọ àṣìṣe mìíràn: bí ìṣirò bá fi hàn pé ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń yááfì kéré jù nínú ọjà méjèèjì, kí a tún un ṣe, nítorí 0.89 àti 1.125 ti Potogí jẹ́ ìdàkejì ara wọn, bí ọ̀kan bá ti kéré, èkejì gbọ́dọ̀ tóbi.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí ọjà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà fún ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ń lo 220 ènìyàn, Potogí ń lo 170, kálukú sì ní aṣọ kan àti wáìnì kan. Bí gbogbo àwọn 220 bá kọjú sí aṣọ, wọn yóò hun 2.2, bí àwọn 170 bá kọjú sí wáìnì, wọn yóò ṣe 2.125. Kí wọ́n wá fi aṣọ kan gba wáìnì kan. Gẹ̀ẹ́sì yóò ní aṣọ 1.2 àti wáìnì kan, Potogí yóò ní wáìnì 1.125 àti aṣọ kan. Kò sí òṣìṣẹ́ tuntun kankan, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ èlé wọlé fún àwọn méjèèjì.

Kan sí kan kì í ṣe dandan. Iyekíye tó bá wà láàárín aṣọ 0.89 àti 1.2 fún wáìnì kan yóò mú èrè wá. Bí Potogí bá béèrè 1.3, Gẹ̀ẹ́sì yóò padà sí ṣíṣe wáìnì tirẹ̀, nítorí 1.2 ni ó ń ná an nílé. Bí iye náà bá ti súnmọ́ 1.2 tó ni èrè Potogí ṣe ń pọ̀ tó, tí ti Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbẹ, nítorí náà ìṣirò yìí kò sọ bí wọn yóò ṣe pín èrè ọ̀hún. Owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè náà ń jẹ nínú àlàfo yìí, bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, kálukú yóò máa ṣe ti ilé rẹ̀.

Ìṣirò náà tún gbà pé ahunṣọ lè di olóko àjàrà láìsí ìnira, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ òfì yóò ṣiyèméjì sí. Ó sì gbà pé owó ìdókòwò kì í sọdá òkun. Ríkádò fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé bí owó àti òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá lè kó lọ sí Potogí fàlàlà, ibẹ̀ ni ìbá ti dára jù láti ṣe aṣọ àti wáìnì pọ̀.