Ta ni kó gbé jagunjagun síwájú: ánímẹ́ṣọ̀n ni àbí kódù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, mo ń fi Unreal ṣe géèmù kan lórí ogun Kírìjì. Jagunjagun mi máa ń fò síwájú kó tó fi idà ṣá ọ̀tá. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọn jù, idà á kọjá sí ẹ̀yìn onítọ̀hún. Bó bá jìnnà, idà á ṣá afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ní rúùtù móṣọ̀n ni kí n lò. Ẹlòmíràn ní kí ánímẹ́ṣọ̀n máa ṣẹlẹ̀ lójú kan, kí kódù máa sún un. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, rúùtù móṣọ̀n ni kí o mú fún irú ìṣá yìí, ṣùgbọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ bí ẹni tó yà á ṣe yà á. Kí kódù máa sọ ibi tí yóò parí sí fún un.

Nǹkan méjì ni ènìyàn inú Unreal. Èkíní ni kápúsù tí a kì í rí: òun ló ń kọlu ògiri, òun ni ilẹ̀ gbé dúró, òun gan-an ni géèmù kà sí ènìyàn. Èkejì ni ara tí à ń rí, tó wà nínú kápúsù náà. Ara yìí ní egungun gbòǹgbò kan tó wà nílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú rúùtù móṣọ̀n, ẹni tó ya ánímẹ́ṣọ̀n ti sún egungun yẹn síwájú, Unreal á wo bó ṣe sún tó ní férémù kọ̀ọ̀kan, á sì sún kápúsù bákan náà. Nínú ti ojú kan, egungun yẹn kì í kúrò níbi tó wà; kódù ló ń sọ iye tí kápúsù máa rìn.

Fún rírìn àti sísáré, ojú kan ló dára jù, torí eré náà dọ́gba, ẹni tó ń ta géèmù sì lè yí padà nígbàkigbà. Ìṣá àfòsíwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ya fídíò àbúrò bàbá mi lóko rẹ̀ ní Ìjerò níbi tó ti ń fi àdá ṣánko, mo sì wò ó ní férémù kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó kọ́kọ́ gbé ara sẹ́yìn, kò tíì sún rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ iwájú ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ yẹn ti tẹlẹ̀ kí àdá tó balẹ̀, ara sì ti dúró gbọnin nígbà tí apá ṣì ń lọ. Bí kódù bá ń fi eré kan náà sún kápúsù, ara á ṣì máa lọ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀ bí ẹni tó tẹ orí àpáta tí òjò pa. O lè kọ́ kódù láti máa lọ kó sì máa dúró bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ya ánímẹ́ṣọ̀n ti yà sílẹ̀ lo kàn ń fi ọwọ́ kọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn.

Jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ìṣá rẹ jẹ́ férémù 36, férémù 30 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti 0 dé 10, ó ń gbára dì. Láti 10 dé 18, egungun gbòǹgbò sún 240 sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn 18, kò sún mọ́. Ká tún ní ojú idà jìnnà sí egungun yẹn ní 130 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó bá ara ọ̀tá. Ọ̀tá tó wà ní 370 nìkan ni ìṣá yìí bá mu gẹ́lẹ́. Bó bá wà ní 200, 70 péré ló yẹ kí jagunjagun rìn, ṣùgbọ́n ánímẹ́ṣọ̀n ṣì fẹ́ gbé e lọ 240. Kápúsù méjèèjì ló máa dá a dúró: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní 42 láti àárín dé ẹ̀gbẹ́, 84 ló kù láàárín wọn, jagunjagun ti rìn 116, ojú idà sì ti fi 46 kọjá àárín ara ọ̀tá. Idà tí o rí lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀tá bá wà ní 450, idà á kù ní 80.

Tan plọ́ọ̀gíìnì `Motion Warping`, òun ló ń na ìrìn gbòǹgbò tàbí kó gé e kúrú kó lè parí síbi tí kódù bá sọ. Fi kọ́ńpónẹ́ǹtì rẹ̀ sára jagunjagun, kí o wá ṣí `Montage` ìṣá náà. Ní ìlà `Notifies`, fi `Motion Warping` síbẹ̀ láti férémù 10 dé 18, mú `Skew Warp`, kí o sì kọ `Ota` sí `Warp Target Name`. Nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ìṣá, kó o tó bẹ̀rẹ̀ `Montage`:

```cpp
FVector Ona = (Ota - Emi).GetSafeNormal2D();
float Jin = FVector::Dist2D(Ota, Emi) - 130.f;
Jin = FMath::Clamp(Jin, 60.f, 330.f);
MotionWarping->AddOrUpdateWarpTargetFromLocationAndRotation(
    TEXT("Ota"), Emi + Ona * Jin, Ona.Rotation());
```

`Emi` ni ibi tí jagunjagun wà, `Ota` ni ibi tí ọ̀tá wà. Ọ̀tá tó wà ní 200 á wá jẹ́ kí jagunjagun rìn 70 péré, idà á sì balẹ̀ síbi tó yẹ. Ojú ni mo fi mú 330: bí 240 bá na kọjá ibẹ̀, ẹsẹ̀ tí a yà kò ní gùn tó ọ̀nà tí ara ń rìn mọ́, á wá dà bí ẹni tí okùn ń fà. Ọ̀tá tó bá kọjá 460, jẹ́ kí idà tàsé rẹ̀. Ó ti mọ bí a ṣe ń jìnnà sí idà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Má jẹ́ kí `Motion Warping` kọjá férémù 18. Láti 10 dé 18, ẹsẹ̀ wà lókè, ojú kò lè mọ̀ bóyá ìṣísẹ̀ náà gùn tàbí ó kúrú. Tí ẹsẹ̀ bá ti tẹlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5 péré á hàn bí yíyọ̀. Bákan náà, ìfò sókè gbọ́dọ̀ wà lára egungun ìbàdí, kí gbòǹgbò máa fi ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀, Unreal kì í ka ohun tí gbòǹgbò bá ṣe sókè.

Bí ara bá jáde kúrò nínú kápúsù tó sì já padà sẹ́yìn nígbà tí ìṣá parí, o kò tíì fi àmì sí `Enable Root Motion`. Tẹ `show collision` àti `slomo 0.2` sí kọ́ńsólù, wàá rí i kedere. Bí àmì bá wà níbẹ̀ tí ara ṣì ń já padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ìkànnì Mixamo lo ti mú un wá. Egungun wọn kò ní gbòǹgbò, `Hips` ni gbogbo ìrìn wà. Nínú Blender ni kí o ti gbé ìrìn iwájú kúrò lára `Hips` sórí gbòǹgbò tuntun, kí o sì fi ti òkè sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìṣá yòókù náà ni kí n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Rárá. Ìṣá kúkúrú tó ń tẹ̀ léra wọn, tí ẹni tó ń ta géèmù lè dá dúró láàárín kó lè sá, ojú kan ni kó wà. Kápúsù ò rìn ju 20 tàbí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ níbẹ̀, yíyọ̀ ẹsẹ̀ kò hàn, ọwọ́ ẹni tó ń ta á sì gbọ́dọ̀ lágbára ju ánímẹ́ṣọ̀n lọ.