Ìwé gbèsè tí tọkọtaya ń kọ sínú ọkàn

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu, ẹni tó bá ń ka oore tó ṣe fún ẹlòmíràn, a ó ní ó ń règún, ojú burúkú la sì fi ń wò ó. Nítorí náà, tọkọtaya tó gbẹ̀kọ́ kì í fẹ́ règún fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni èèwọ̀ yìí dè. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ kà, ọkàn ń kà á ní ìdákẹ́jẹ́: èmi ni mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, èmi ni mo fara mọ́ ti àwọn ẹbí rẹ̀, kí ni òun náà ṣe? Ìwé gbèsè ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́, òun nìkan ló sì ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Aránṣọ ni ìyàwó, ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà Wàńdò ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Olùkọ́ ni ọkọ, ìjọba sì gbé e lọ sí Kétu. Nígbà tó délé sọ ọ́, ìyàwó ní, “Kò burú. Ibi tí ẹ bá wà ni èmi náà wà.” Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá ọ̀gá mìíràn fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ó di ẹrù. Nígbà tí wọ́n dé Kétu, ọkọ gba ṣọ́ọ̀bù fún un, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. 600,000 sẹ́fà ló ná. Owó bíríkì ni, ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ilé lórí ilẹ̀ tó rà ní Àjàṣẹ́. Kò sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, “Mo rí owó díẹ̀.”

Kì í ṣe gbogbo ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ nítorí ẹnì kejì ló ń wọ inú ìwé yìí. Èyí tí a ṣe tìfẹ́tìfẹ́, tí inú wa dùn sí, a kì í sábà rántí iye rẹ̀. Èyí tó ń wọlé ni èyí tí ẹnu gbà ṣùgbọ́n tí ọkàn ń ṣe kámikàmì, tí a gbà kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, tàbí kí wọ́n má baà sọ pé a kò níwà. “Kò burú” tí ìyàwó sọ, ẹkún wà nínú rẹ̀. “Mo rí owó díẹ̀” tí ọkọ sọ, odindi ilé wà nínú rẹ̀. Níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi iye ohun tó ń san pa mọ́, níbẹ̀ ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì mọ̀ pé òun jẹ ohunkóhun.

Ìṣòro tó tẹ̀ lé e ni ti ìṣirò. Ní ọdún 1979, Michael Ross àti Fiore Sicoly, onímọ̀ nípa ọkàn ní Kánádà, bi tọkọtaya 37 léèrè ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó nínú iṣẹ́ ilé. Tí a bá ro ìpín ọkọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó, kò yẹ kó ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó jù ú lọ nínú iṣẹ́ 16 lára 20 tí wọ́n bèèrè. Èyí kì í ṣe ìgbéraga lásán, torí pé àṣejù yẹn tún wà nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó ń dá aáwọ̀ sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ ara wa ni a máa ń tètè rántí.

Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjèèjì ní Kétu. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà àtijọ́ bá pe ìyàwó láti Àjàṣẹ́, tí ìyàwó sì ní òun kò sí níbẹ̀ mọ́, ó tún san án lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá lọ sí Àjàṣẹ́, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, tó rí igbó tó bò ó, òun náà tún san án. Kò sí èyí tó rí ti ẹnì kejì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó rí, kò rí bíríkì. Obìnrin tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ ni ọkọ rí, kò rí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tó ń sunkún.

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ohun tí ẹnì kejì ń san padà kì í wọ inú ìwé mọ́. Ọkọ pọn omi, ó wẹ ọmọ, ìyàwó sì ń rò ó pé, ó kéré sí ohun tó yẹ kó ṣe. Ìyàwó ṣọ́ oúnjẹ ọkọ di òru, ọkọ sì ń rò ó pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ní ọdún 1980, Elizabeth Robinson àti Gail Price, àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, fi ohun tí àwọn tó wá ṣọ́ tọkọtaya nínú ilé wọn kọ sílẹ̀ wé ohun tí tọkọtaya fúnra wọn sọ. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìgbéyàwó wọn rí nǹkan bí ìdajì péré nínú oore tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn rí. Ìdajì yòókù ṣẹlẹ̀ níwájú wọn, wọn kò rí i. Èyí gan-an ló jẹ́ májèlé nínú ọ̀rọ̀ yìí: gbèsè tí a kò lè san, nítorí pé ẹni tí a jẹ kì í gba owó.

Nígbà náà ni ìtumọ̀ ohun kéékèèké yóò yí padà. Ọkọ dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ní, “Ó rẹ̀ mí o.” Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ìyàwó gbọ́ ni pé, àárẹ̀ tìrẹ kò jẹ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ọkọ wá ní kó lọ tọ́jú ìyá òun tí ara rẹ̀ kò yá, ìyàwó dáhùn pé, “Mo ti ṣe tèmi.” Ẹnu ya ọkọ: “Kí lo ṣe?” Ó ń bèèrè lóòótọ́ ni, torí “kò burú” ni wọ́n sọ fún un. Létí ìyàwó, ó ti sẹ́ gbogbo rẹ̀.

A lè mọ̀ pé ìwé yìí ti ṣí kó tó di ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi wá pé kí ló ṣe, tí a ní “kò sí”, tí ohùn wa sì yí padà. Tí inú wa bá dùn díẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì ṣàṣìṣe, torí pé a ti rí nǹkan kọ. Tí a bá lè ka ohun márùn-ún tí a ṣe lóṣù tó kọjá láìdánu dúró, tí a kò sì lè ka méjì tí òun ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo gbà pé ó dájú jù.

Ohun tó ń pa ìwé gbèsè yìí rẹ́ ni kí a sọ iye tí ohun kan ń ná wa nígbà tí a ń fi í sílẹ̀, kí ó tó di ọ̀rọ̀ àná. Ìrègún ń ka ohun tó ti kọjá láti fi dójú ti èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti sọ nígbà yẹn pé, “Màá tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, mo sì fẹ́ kí á jọ ronú bí mo ṣe máa padà ní oníbàárà,” kò règún. Bí ọkọ náà bá ní, “Owó bíríkì ni mo fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù yìí, ṣé o gbà?” ìyàwó ìbá mọ ohun tó gbà. Bó ti pẹ́ tó náà, wọ́n ṣì lè jókòó, kí ẹnì kan sọ tirẹ̀ tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mú un wá sórí ohun tó wà níwájú: ìyàwó yóò lọ sí Àjàṣẹ́ gba aṣọ nígbà Kérésìmesì àti Iléyá, 20,000 sẹ́fà yóò sì máa wọ owó bíríkì lóṣooṣù láti ṣọ́ọ̀bù náà.

Èyí kò kan ibi tí ìpín kò bá dọ́gba lóòótọ́. Obìnrin tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń tajà, tó tún ń dáná fún ẹni mẹ́jọ, ìrántí rẹ̀ kò ṣì í lọ́nà. Kí wọ́n ka iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan síta, ti ọkọ àti ti ìyàwó. Bí ọkọ bá rí i tán tí kò sì ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìwé gbèsè ti tán níbẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ kí ó dé etí àwọn àgbà ẹbí méjèèjì.