Oníbodè Kì í Ka Ẹni Tí Kò Wọlé: Ohun Tó Ń Mú Bíìlì Omi Fò Sókè Lójijì, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dín In Kù

Ilé kan wà tí èèyàn mẹ́rin ń gbé. Oṣù méjì méjì ni bíìlì omi wọn ń dé, kì í sì í ju 30 yúnìtì lọ. Yúnìtì kan jẹ́ 1,000 lítà. Lọ́jọ́ kan, bíìlì dé, 150 ni wọ́n kọ sí i. Wọn kò gba àlejò, wọn kò ṣe ìnáwó, kò sì sí ẹni tó gbàgbé táàpù sílẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé, “Mítà yìí ti bàjẹ́.” Gbólóhùn yẹn gan-an ló ń ba ọ̀ràn ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ wo mítà omi bí oníbodè tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka àwọn tó ń wọlé. Nínú mítà tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò, àgbá kékeré kan wà níbẹ̀ tí omi fúnra rẹ̀ ń yí bó ṣe ń kọjá. Bí omi kò bá kọjá, kò sí ohun tí yóò yí i. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, tí yanrìn ti jẹ ẹ, tí ara rẹ̀ ti le, omi díẹ̀díẹ̀ yóò máa yọ́ kọjá láìyí i. Ìyẹn ni pé oníbodè tó darúgbó a máa tòògbé, àwọn kan á sì wọlé láìjẹ́ pé ó kà wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ka ẹni tí kò wọlé. Mítà tó ti gbó sábà máa ń ṣe onílé láǹfààní ni, ilé-iṣẹ́ omi ló ń pàdánù. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ lè yí mítà nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé lẹ́yìn tó ti dá, àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ nínú ọ̀pá omi tọ̀sántòru fún oṣù méjì gbáko.

Àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́ kì í sábà jẹ́ ti mítà, ti ẹni tó kà á ni. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn lọ síbi mítà, kó fi nọ́ńbà ojú rẹ̀ wé èyí tó wà lórí bíìlì. Bí ti mítà bá kéré sí ti bíìlì, wọ́n ti ṣì í kà nìyẹn, tàbí kí wọ́n ti fojú dá a, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí. Kí onítọ̀hún tún wo àwọn bíìlì tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé àfojúdá ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka mítà gidi, ó lè jẹ́ gbèsè àtijọ́ ló kó jọ. Ní ilé tí à ń sọ yìí, nọ́ńbà méjèèjì bára mu, wọ́n sì ti ń ka mítà bó ṣe yẹ. Èyí túmọ̀ sí pé 150 yúnìtì wọlé lóòótọ́. Ibo wá ni 120 gbà lọ?

Ìṣirò kékeré kan ló ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá. 120 yúnìtì láàárín 60 ọjọ́ jẹ́ 2,000 lítà lójúmọ́. Lítà 83 ni ní wákàtí kan, kò sì tó lítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tó ń fọ eyín lè fi sílẹ̀ lójú táàpù láìbìkítà ni. Bí agbára omi inú ọ̀pá bá wà ní ìwọ̀n bó ṣe sábà ń wà nínú ilé, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà kan ààbọ̀ lọ ti tó láti jò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé èèyàn mẹ́rin tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ, tó ń fọ abọ́, kò lò ju 500 lítà lójúmọ́ lọ, nígbà tí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ńlá ń lo ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Èèyàn a máa ti táàpù. Ihò kì í ti ara rẹ̀, kì í sì í sùn.

Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn yára di ẹ̀bi ru táàpù tó ń kán tó-tó-tó. Bí ẹ̀kán kan bá ń bọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi lítà 30 ló máa jẹ́ lójúmọ́. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé bíìlì lọ sí 150. Afurasí tòótọ́ kì í sábà ju méjì lọ: tánkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dí dáadáa mọ́, tàbí ọ̀pá tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láàárín mítà àti ilé.

Òru ló ń tú àṣírí wọn. Nínú ilé yìí, nígbà tí gbogbo wọn fẹ́ sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n ya fọ́tò ojú mítà: 1482.310. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan omi títí di aago márùn-ún ìdájí, wọ́n sì tún ya á: 1482.810. Àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì yẹn, tí wọ́n sábà máa ń fi pupa kọ, ni èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń sọ ìtàn náà. 500 lítà ti lọ ní wákàtí mẹ́fà, ìyẹn lítà 83 ní wákàtí kan. Ẹ rí i pé ó bá ìṣirò tí a ti ṣe lókè mu gẹ́lẹ́. Bíbára-mu yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ó fi hàn pé omi tó ń jò tọ̀sántòru yìí ti tó láti jẹ gbogbo 120 yúnìtì náà. Ká ní lítà 20 péré ló lọ ní wákàtí kan ni, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn tún wà tí wọn kò tíì rí.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ti fáàfù tó wà níbi tí omi ti ń wọ inú ilé. Bí mítà bá dúró, inú ilé ni omi ti ń jò, kí wọ́n kán aró oúnjẹ sínú tánkì ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, wọ́n ti mú olè náà. Ṣùgbọ́n mítà ilé yìí kò dúró, ó ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí púlọ́ńbà gbẹ́ ibẹ̀, oríkèé kan tó so ọ̀pá méjì pọ̀ ló ti là díẹ̀, iyanrìn sì ń mu gbogbo omi náà, kò jẹ́ kó yọ sókè.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe bíìlì, ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ omi dín owó tó wà lórí rẹ̀ kù, wá kàn báyìí, ibẹ̀ sì ni oníbodè wa ti tún wúlò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tó bá ti kọjá mítà sí ìhà ilé, onílé ló ni ín. Omi náà wọlé, oníbodè sì kà á bó ṣe yẹ. Ilé-iṣẹ́ omi kò ṣẹ̀, àtúnṣe náà kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́ àṣìṣe. Ìyọ̀ǹda ni, ìlànà sì wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá kọ̀wé pé “mítà yín ń purọ́” ti sọ ọ́ di ẹjọ́ mítà. Wọ́n á yọ mítà lọ yẹ̀ wò, wọ́n á rí i pé kò ní àbùkù, nígbà mìíràn ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ló tún máa sanwó àyẹ̀wò. Ohun tí ìwé náà ní láti fi hàn ni pé ibi tó ń jò fara sin, pé wọ́n tún un ṣe ní kété tí wọ́n mọ̀, àti pé omi tí ilé ń lò ti padà sí bó ṣe wà.

Apá tó wù mí jù nínú ètò yìí ni ti omi ìdọ̀tí. Níbi tí ọ̀pá ti ń kó omi ìdọ̀tí lọ, kò sí mítà lẹ́yìnkùlé. Ilé-iṣẹ́ kàn gbà pé iye tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé náà ló gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n á sì gba owó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n 120 yúnìtì tó rì sínú ilẹ̀ kò dé ẹ̀yìnkùlé rárá. Ẹnikẹ́ni kò gbé e, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ di mímọ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó bá gbà láti ṣàtúnṣe máa ń yọ apá yìí kúrò pátápátá, kódà bí wọn kò bá dín gbogbo owó omi fúnra rẹ̀ kù. Ti tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń jò yàtọ̀, torí omi yẹn gba ibi ìdọ̀tí kọjá ní tòótọ́. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka ìyàtọ̀ yìí sí. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè fún un, nítorí wọn kò mọ̀ pé ìlà méjì ni owó náà lórí bíìlì wọn.

Ìwé tí ilé yìí kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Fọ́tò mítà méjèèjì wà níbẹ̀, fọ́tò oríkèé tó là, rìsíìtì púlọ́ńbà tó ní ọjọ́ lórí, àti bíìlì ìgbà kan náà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n dúró ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí wọ́n tún ọ̀pá náà ṣe, wọ́n tún ka mítà: yúnìtì 7 ló lọ, ìyẹn 30 ní oṣù méjì. Wọ́n san owó 30 yúnìtì lójú ẹsẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ omi má bàa já omi wọn, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kó dá ìyókù dúró títí ìpinnu yóò fi dé.

Ilé-iṣẹ́ omi tiwọn wà lára àwọn tó ń dárí ìdajì àfikún jì. Nítorí náà 60 kúrò nínú 120, ó ku 90 yúnìtì omi láti san, owó omi ìdọ̀tí sì padà sí 30. Ohun kan tún wà tó yẹ kéèyàn béèrè. Níbi tí iye owó yúnìtì ti ń ga bí omi tí a lò ṣe ń pọ̀, àfikún náà ti bọ́ sí ipele tó wọ́n jù, èyí ló sì ń mú kí owó fò ju omi lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń gbà láti fi owó ipele ìsàlẹ̀ ṣírò rẹ̀ bí a bá béèrè, wọn kì í sì í sábà fúnra wọn dá a lábàá.

Owó púlọ́ńbà kò sí nínú àtúnṣe náà. Gbèdéke sì sábà máa ń wà fún ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé, bíìlì kan tàbí méjì ni wọ́n sì máa ń wò. Lẹ́yìn náà, ó lè di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tún gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé kan náà. Nítorí pé ọ̀pá tí oríkèé rẹ̀ kan ti là sábà máa ń ní òmíràn tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ilé yìí ṣì ń ya fọ́tò mítà ní aago mọ́kànlá alẹ́ àti aago márùn-ún ìdájí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.